Wáyà dìíṣì lórí FM 50 wáàtì: mo gé 60 sẹ̀ǹtímítà, SWR kúrò ní 1.1, ó di 2.0

Ọmọ Ìgbóhùn
Ọjọ́ Ajé, 8:14 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni mò ń bójú tó ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ rédíò àdúgbò kékeré kan. Tíránsímítà wa jẹ́ 50 wáàtì, ìkànnì wa sún mọ́ 100 MHz gan-an, àńtẹ́nà wa sì jẹ́ dáípólù kan tí wọ́n kọ 50 óòmù sí lára. Eku ló jẹ wáyà dúdú tó ń gun òpó lọ tẹ́lẹ̀. Owó wáyà tuntun kò sí nílẹ̀, ètò kò sì gbọdọ̀ dúró, la bá ra RG-6, wáyà funfun tí wọ́n fi ń ṣe dìíṣì, a wá kọnẹ́tọ̀ tó bá ẹ̀rọ mu, a fi so ó. Ó dín díẹ̀ ní 20 mítà. SWR, nọ́ńbà tó ń sọ bí síńà tó ń padà sẹ́yìn ṣe pọ̀ tó, tí 1 sì túmọ̀ sí pé kò sí èyí tó padà, ń ka 1.1 nígbà náà, àwọn olùgbọ́ kò sì mọ̀ pé ohunkóhun yí padà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kọnẹ́tọ̀ ìsàlẹ̀ dógùn-ún. Mo gé ibi tó ti bàjẹ́ kúrò, ó tó bíi 60 sẹ̀ǹtímítà, mo sì fi kọnẹ́tọ̀ tuntun sí i. N kò fọwọ́ kan àńtẹ́nà, n kò gun òpó. Ṣùgbọ́n SWR ti di 2.0, tíránsímítà sì ń dín agbára ara rẹ̀ kù. Mo tú kọnẹ́tọ̀ náà, mo fi òmíràn sí i, 2.0 náà ló ń kà. Ṣé wáyà tó kúrú tún lè burú ju èyí tó gùn lọ ni?

Ṣúgà Dìíṣì
Ọjọ́ Ajé, 8:40 àárọ̀

Wáyà kúkúrú kì í fa wàhálà rárá, bó bá ṣe kúrú tó ni síńà ṣe máa ń lágbára tó. Ẹ lọ wo orí dìíṣì yẹn, ó ṣeé ṣe kí omi ti wọ LNB, tàbí kí atẹ́gùn ti yí i díẹ̀. Tí ẹ bá ti rọra tún un dojú kọ ibi tó yẹ, yóò padà bọ̀ sípò.

Ọ̀rọ̀ 75 óòmù tí wọ́n máa ń kọ sára RG-6 yẹn, ẹ má fi ìyẹn da ara yín láàmú. Mo ti fi mọ́lítímítà wọn ọ̀pọ̀ róòlù rẹ̀ rí, kò sí èyí tó ka 75 nínú wọn. Láti àárín sí ara ìta, kò ka nǹkan kan. Láti orí dé ìdí, óòmù mélòó kan péré.

Ọmọ Ìgbóhùn
Ọjọ́ Ajé, 8:52 àárọ̀

Ẹ ṣé o, ṣùgbọ́n kò sí dìíṣì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wáyà dìíṣì nìkan la yá lò. Àwa là ń rán síńà jáde, a kì í gbà á.

Bàbá Ọ̀pá
Ọjọ́ Ajé, 9:30 àárọ̀

Ọmọ mi, mo ti ń gun òpó kí GSM tó wọ Nàìjíríà. Gbogbo wáyà ló ní gígùn tó wù ú. Ibi tó wù ú lo wà tẹ́lẹ̀, o wá gé e kúrò níbẹ̀. Ohun tí wàá ṣe kò le: máa gé e ní ìka mẹ́rin mẹ́rin, kí o máa wo SWR. Wàá rí i tí yóò máa sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi padà sí 1.1. Kí o dúró níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n yára ṣe é o. Agbára tó ń padà bọ̀ yẹn ń wọnú tíránsímítà lọ ni, ooru rẹ̀ ni yóò sì jó tìràńsísítọ̀ ìparí. Mo ti rí èyí tó jó bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ Láàbù
Ọjọ́ Ajé, 1:05 ọ̀sán

Ẹ̀rọ SWR yín kò purọ́ nígbà tó ka 1.1, kò sì purọ́ báyìí tó ka 2.0. Kọnẹ́tọ̀ tuntun náà kò jẹ̀bi. 60 sẹ̀ǹtímítà tí ẹ gé yẹn gan-an ni. Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà yín ṣàlàyé rẹ̀.

Ká gbà pé 50 wáàtì dé ọ̀dọ̀ àńtẹ́nà ní pípé. Àńtẹ́nà jẹ́ 50 óòmù, nítorí náà fólítì 50 ló wà lẹ́nu rẹ̀, áńpì 1 ló sì ń wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n 75 ni wáyà. Ohun tí 75 yẹn ń sọ ni pé ìgbì tó bá ń rìn lọ sí apá kan ṣoṣo nínú wáyà náà gbọ́dọ̀ gbé fólítì 75 fún áńpì kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀pá àárín ṣe tóbi sí, bí ara ìta ṣe jìnnà sí i, àti ohun tó wà láàárín wọn, ìyẹn ló ń pinnu nọ́ńbà náà. Mọ́lítímítà kò lè rí i, nítorí bátìrì tó wà nínú mọ́lítímítà máa ń dúró títí gbogbo ìrìn àjò ìgbì fi parí kó tó kà á. Ẹni tó bá ń wọn nǹkan lẹ́yìn tí ìrìn ti tán kò lè rí ohun tó jẹ́ ti ìrìn.

Ìgbì tó ń gòkè ti mú ìwọ̀n 75 yìí dání láti ìsàlẹ̀, kò mọ ohun tó ń dúró dè é lókè. Nígbà tó dé ibẹ̀, àńtẹ́nà ní fólítì 50 fún áńpì kan lòun gbà. Kò sí bí ìwọ̀n méjèèjì ṣe lè rẹ́ lójú ibi kan náà, àfi kí ìgbì kejì dìde níbẹ̀ kó sì máa sọ̀ kalẹ̀ padà. Bí ìgbì kejì náà ṣe tóbi sí rèé:

```
Γ = (50 - 75) / (50 + 75) = -0.2
```

Ìyẹn ni pé ìdá kan nínú márùn-ún fólítì ló ń padà, àmì ìyọkúrò sì ń sọ pé ó ń padà ní ìdojúdé. Ní tiyín, ìgbì tó ń gòkè jẹ́ fólítì 62.5, èyí tó ń padà jẹ́ 12.5. Lẹ́nu àńtẹ́nà, ọ̀kan ń dín èkejì kù: 62.5 yọ 12.5, ó ku 50. Ó bá ohun tí a sọ lókè mu.

Ẹ wá bá mi sọ̀ kalẹ̀ lára wáyà. Bí a ṣe ń jìnnà sí àńtẹ́nà, ìgbì méjèèjì kò tún pàdé ní ìdojúdé mọ́, torí pé ọ̀kan ṣì ń bọ̀ níbẹ̀, èkejì ti lọ ó ti bọ̀. Tí a bá dé ìdámẹ́rin ìgbì kan, wọ́n ti ń gbé ara wọn ró: 62.5 pẹ̀lú 12.5, fólítì 75. Kọ́rẹ́ǹtì níbẹ̀ ti dín sí áńpì 0.67. Agbára ṣì jẹ́ 50 wáàtì, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ kí ẹ wò ó. Tí a bá tún sọ̀ kalẹ̀ ní ìdámẹ́rin kan sí i, a padà sí fólítì 50 àti áńpì 1. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe dé ìsàlẹ̀. Àwọn ibi gíga àti ibi rírẹlẹ̀ yìí kì í ṣí kúrò lójú kan, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní ìgbì adúrósójúkan. 75 pín sí 50 jẹ́ 1.5. Ìyẹn ni SWR tó wà nínú wáyà yín gan-an, kò sì sí gígé kankan tó lè yí i padà.

Níbi tí fólítì ti jẹ́ 50, tí kọ́rẹ́ǹtì jẹ́ 1, ẹni tó bá dúró síbẹ̀ tó wo òkè yóò rí 50 óòmù. Níbi tí fólítì ti jẹ́ 75, tí kọ́rẹ́ǹtì jẹ́ 0.67, yóò rí 112.5 óòmù. Tíránsímítà yín ni ẹni tó dúró yẹn. Ẹ̀rọ SWR tó wà lára rẹ̀ kò mọ̀ ju 50 lọ, 50 ni wọ́n fi ṣe é. Ó bá 50 pàdé, ó ka 1.0. Ó bá 112.5 pàdé, ó ka 2.25.

Ó ku gígùn. Ní 100 MHz, ìgbì kan jẹ́ 3 mítà nínú afẹ́fẹ́. Nínú RG-6 oní-fóòmù, ìyára rẹ̀ máa ń sún mọ́ 0.82 ti afẹ́fẹ́, nítorí náà ìgbì kan jẹ́ nǹkan bíi 2.46 mítà, ìdámẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ 61.5 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ gé 60. Ibi rírẹlẹ̀ lẹ dúró sí tẹ́lẹ̀, ẹ gé ara yín bọ́ sí ibi gíga.

Akẹ́kọ̀ọ́ ND2
Ọjọ́ Ajé, 2:20 ọ̀sán

Ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n ó rú mi lójú díẹ̀. Fólítì 62.5 lórí 75 óòmù, mo ṣe ìṣirò rẹ̀, ó jẹ́ 52 wáàtì. Tíránsímítà 50 wáàtì, ibo ni 2 wáàtì yòókù ti wá?

Olùkọ́ Láàbù
Ọjọ́ Ajé, 2:46 ọ̀sán

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Tún èyí tó ń padà ṣe bákan náà: 12.5 lórí 75 óòmù jẹ́ nǹkan bíi 2 wáàtì. Yọ 2 kúrò nínú 52, 50 ló kù, òun sì ni àńtẹ́nà gbà. Wáàtì 2 yẹn kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀dá. Ní ìṣẹ́jú àáyá kékeré àkọ́kọ́ tí tíránsímítà tàn ni ó ti wọnú wáyà, látìgbà náà ló sì ti ń lọ tó ń bọ̀ láàárín òkè àti ìsàlẹ̀. Tó bá dé ìsàlẹ̀, ó tún dara pọ̀ mọ́ èyí tó ń gòkè.

Ìdí nìyí tí n kò fi gba apá kejì ọ̀rọ̀ Bàbá Ọ̀pá. Kì í ṣe pé agbára tó ń padà ń wọ tìràńsísítọ̀ lọ láti di ooru síbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ń ka 1.1, wáàtì 2 yẹn ń padà nínú wáyà bákan náà, kò sì sí ohun tó jó. Ohun tó ń ba tìràńsísítọ̀ nínú jẹ́ ni óòmù tí kò bá a mu. Óòmù tó ga jù lè fi fólítì tó pọ̀ jù sí i lára, èyí tó kéré jù lè mú kí ó fa kọ́rẹ́ǹtì jù. Ìyẹn ni tíránsímítà yín ń sá fún tó fi ń dín agbára kù.

Bàbá Ọ̀pá
Ọjọ́ Ajé, 3:15 ọ̀sán

Olùkọ́, ẹ ti fi ìwé gbè mí lẹ́yìn. Mo ní gígùn ni, ẹ̀yin náà ní gígùn ni. Ṣebí tí ó bá gé 60 mìíràn, ibi rírẹlẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa já sí?

Olùkọ́ Láàbù
Ọjọ́ Ajé, 3:31 ọ̀sán

Òótọ́ ni, bàbá, ibẹ̀ ló máa já sí. Ṣùgbọ́n nítorí pé wáyà jẹ́ 75 ni gígé ṣe ń ṣiṣẹ́ níbí. Ká ní wáyà 50 óòmù ni, tí SWR sì jẹ́ 2.0 torí pé àńtẹ́nà kò dáa, ẹ lè gé e títí yóò fi tán, 2.0 náà ni yóò máa kà, àfi ìyàtọ̀ kékeré tí àdánù wáyà bá mú wá. Tí ẹ bá wà lórí wáyà 50, tí ẹ gé e, tí SWR fò sókè tàbí wálẹ̀ púpọ̀, ẹ wò ó dáadáa: kọ́rẹ́ǹtì ti ń rìn lára ìta wáyà, wáyà fúnra rẹ̀ ti di apá kan àńtẹ́nà. Gígé kọ́ ni oògùn ìyẹn.

Ìyá Rìpítà
Ọjọ́ Ajé, 8:02 alẹ́

Ẹ kú ìjíròrò o, láti Lọ́ńdọ̀nù. Èmi kò sí lórí FM, ìwé àṣẹ rédíò oníṣẹ́-ọwọ́-dilẹ̀ ni mo ní, VHF la sì ń lò lórí rìpítà wa. Olùkọ́ ti sọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun kan: ìṣirò wọn mú 1.0 àti 2.25 jáde, ọmọ wa sì ka 1.1 àti 2.0. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Àdánù inú wáyà ni, Olùkọ́ kò sì kà á mọ́ ọn.

RG-6 máa ń sọ nǹkan bíi 6.5 dB nù lórí 100 mítà ní ìkànnì yín. 20 mítà yín ń sọ 1.3 dB nù. Ìgbì tó ń gòkè ti rẹ̀ díẹ̀ kó tó dé òkè, èyí tó padà tún rẹ̀ sí i kó tó dé ìsàlẹ̀, ó di 2.6 dB láàárín lílọ àti bíbọ̀. Ìdá 0.2 tó wà lókè yóò ti di nǹkan bíi 0.15 nísàlẹ̀. Nítorí náà, ibi rírẹlẹ̀ tó wà lẹ́nu tíránsímítà kì í ṣe 50 mọ́, ó sún mọ́ 56. Ibi gíga kì í ṣe 112, ó sún mọ́ 101. Ẹ fi 50 pín wọn: 1.1 àti 2.0. Nọ́ńbà ọmọ wa gan-an. Nígbà tí mo rí i pé ó bá ara wọn mu báyẹn, mo gbà pé àńtẹ́nà wọn dáa.

Àmọ́, àdánù yìí kan náà ló ń tan èèyàn jẹ. Ẹgbẹ́ kan pè wá pé SWR àwọn dára, 1.2, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gbọ́ wọn ní àdúgbò kejì. Omi òjò ti wọ wáyà wọn láti òkè, ó ti rin aṣọ bàbà inú rẹ̀ di dúdú. Nígbà tí a gun òkè, a bá a pé wáyà ti já kúrò lára àńtẹ́nà pátápátá. Ẹ fọkàn ṣe ìṣirò rẹ̀: tí wáyà bá ń sọ 10 dB nù, wáàtì 50 wọlé nísàlẹ̀, 5 ló dé òkè. Kò sí àńtẹ́nà níbẹ̀, gbogbo 5 yẹn padà. Ó dé ìsàlẹ̀, ó ku ìdajì wáàtì. Ẹ̀rọ rí ìdajì wáàtì tó padà nínú 50, ó ka 1.2, inú gbogbo wọn dùn.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi SWR ìsàlẹ̀ nìkan búra. Wáyà tó bá ti gbó máa ń mú kí nọ́ńbà náà rẹwà sí i lọ́dọọdún.

Kẹ́kẹ́ Inífátà
Ọjọ́ Ajé, 9:10 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín nípa tèmi, mo rò pé ọ̀kan náà ni. Mo fi wáyà RS-485 so bátìrì lítíọ̀mù mọ́ inífátà oníbàárà kan, ó tó 30 mítà, ìyára dátà rẹ̀ jẹ́ bíìtì 9600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Inífátà kò rí bátìrì. Ẹnì kan ní àfi kí n fi rẹsítọ̀ 120 óòmù sí ìdí rẹ̀ nítorí ìgbì tó ń padà. Mo fi sí i, kò yí padà. Ṣé kí n gé wáyà náà ni?

Olùkọ́ Láàbù
Ọjọ́ Ajé, 9:35 alẹ́

Ẹ má gé nǹkan kan. Ìgbì ń padà ní tiyín náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo àkókò. Ní 9600, bíìtì kan ń pẹ́ tó 104 µs. Lílọ àti bíbọ̀ lórí 30 mítà kò ju 0.3 µs lọ. Ìgbì náà á ti lọ, á ti bọ̀, á ti kú tán kó tó kan àárín bíìtì tí inífátà ń kà. Rẹsítọ̀ 120 dára láti fi síbẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń dá yín dúró. Ẹ wò ó bóyá wáyà A àti wáyà B ti gba ipò ara wọn, bóyá ẹ so wáyà ilẹ̀, àti bóyá irú bátìrì tí ẹ yàn lójú inífátà ni èyí tó wà níbẹ̀.

Ọmọ Ìgbóhùn
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:20 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti wá yé mi báyìí ìdí tí kọnẹ́tọ̀ tí mo pààrọ̀ kò fi yí nǹkan kan padà. Wàyí o, kí ni kí n ṣe? Tí mo bá gé 60 mìíràn, wáyà kò ní dé ẹ̀yìn tíránsímítà mọ́, ó ti le tantan báyìí. Ṣé kí n fi 60 tí mo gé padà ni, àbí kí n lọ pariwo owó lọ́dọ̀ ọ̀gá?

Bàbá Ọ̀pá
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:41 àárọ̀

Fi í padà. Kọnẹ́tọ̀ àsopọ̀ wà fún un lọ́jà, kò wọ́n. Ìkànnì kan ṣoṣo lẹ ń lò, ẹ kì í yí ìkànnì kiri. Kí lo tún fẹ́ lẹ́yìn 1.1?

Olùkọ́ Láàbù
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:15 àárọ̀

Mo gba Bàbá Ọ̀pá gbọ́ lórí èyí, fún ìgbà díẹ̀. Nítorí pé ìkànnì kan ṣoṣo ni, ìdajì ìgbì lọ́pọ̀ ìlọ́po yóò máa gbé óòmù àńtẹ́nà wálẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó bá ń yí ìkànnì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí 20 mítà, ìdámẹ́rin ìgbì bíi 32 ló wà nínú wáyà yín. Tí ìkànnì bá sún pẹ̀lú bíi 3 MHz péré, ó ti yí yín kúrò ní ibi rírẹlẹ̀ lọ sí ibi gíga.

Ẹ wo ìyára tí wọ́n kọ sínú ìwé wáyà náà kí ẹ tó gé tuntun. Tó bá jẹ́ irú èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ rọ́bà líle, kì í ṣe fóòmù, ìyára rẹ̀ jẹ́ 0.66, ìdámẹ́rin rẹ̀ kò sì ju 49.5 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ ka gígùn kọnẹ́tọ̀ àsopọ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú.

Ìyá Rìpítà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:03 àárọ̀

Èmi kò fara mọ́ ọn o. Ẹ ń wo SWR nìkan. Ẹ wo wáàtì. 1.3 dB túmọ̀ sí pé nínú wáàtì 50, nǹkan bíi 37 ló ń dé àńtẹ́nà. Wáyà onírin kọ́rọ́gétì oní-ìdajì ínǹṣì, tí òun jẹ́ 50 óòmù, ń sọ bíi 2 dB nù lórí 100 mítà. Lórí 20 mítà yín, wáàtì 45 ló máa dé òkè, gígùn kò sì ní jẹ́ ìṣòro yín mọ́. Ìyẹn ni kí ẹ gbé tọ ọ̀gá lọ.

Olùkọ́ Láàbù
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:20 àárọ̀

Wáàtì 37 sí 45 kò tó 1 dB. Kò sí olùgbọ́ kan tí yóò mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá gbé òpó sókè díẹ̀ sí i, èrè rẹ̀ lè ju ìyẹn lọ. Ohun tó yẹ kó lé wa kúrò lórí RG-6 ni kọnẹ́tọ̀ rẹ̀, kì í ṣe óòmù rẹ̀.

Ṣúgà Dìíṣì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:48 àárọ̀

Ibi tí mo mọ̀ lẹ dé yìí. Ọ̀pá àárín RG-6 tí a ń tà lọ́jà, ọ̀pọ̀ jẹ́ irin tí wọ́n fi bàbà bò, ara ìta rẹ̀ sì jẹ́ alumíníọ̀mù. Sódà kì í mú alumíníọ̀mù, nítorí náà ẹni tó bá sọ pé òun jó o mọ́ kọnẹ́tọ̀ ń tan ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́ ọn ni kí ẹ lò, ẹ má lo èyí tí wọ́n ń yí lọ́wọ́, òun ló máa ń tú. Ọ̀pá àárín náà ló ń ṣe ẹnu kọnẹ́tọ̀. Tí bàbà ara rẹ̀ bá ti họ, irin á dógùn-ún láàárín òjò kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tìsàlẹ̀ nìyẹn. Tòkè ń bọ̀.

Tí ẹ bá so ó, ẹ fi téèpù tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ wé e láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ètí rẹ̀ máa dojú kọ ilẹ̀. Kí ẹ sì jẹ́ kí wáyà tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó wọ inú ilé, kí omi máa kán síta.

Ọmọ Ìgbóhùn
Ọjọ́rú, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìtọ́sọ́nà. Mo wo ara wáyà, fóòmù ni. Mo so 58 sẹ̀ǹtímítà mọ́ ọn, kọnẹ́tọ̀ àsopọ̀ fi ìyókù kún un. SWR ti di 1.2, tíránsímítà sì ti padà sí 50 wáàtì. Ọ̀gá ní kí n kọ iye owó wáyà 50 óòmù wá, òun yóò wò ó. Kí ló dé tí kì í ṣe 1.1 bíi ti tẹ́lẹ̀? Ṣé kí n fi díẹ̀ kún un ni?

Bàbá Ọ̀pá
Ọjọ́rú, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Fi sílẹ̀. 1.2 dáa.

Ìyá Rìpítà
Ọjọ́rú, 7:44 alẹ́

Ó lè jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà méjì mẹ́ta ló ṣẹ́ kù. Ó sì lè jẹ́ ohun mìíràn tó ti ń bẹ̀rẹ̀ lókè, bí Ṣúgà ṣe wí. Láti ìsàlẹ̀ níbẹ̀, ẹ kò lè mọ èwo ni. Ẹni tó bá ní NanoVNA, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn àńtẹ́nà àti wáyà, ni kí ẹ yá a lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá máa gun òpó, ẹ pa tíránsímítà, ẹ yọ wáyà kúrò lára àńtẹ́nà lókè, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí ẹ wá wo `S11 LOGMAG`, ìlà tó ń fi iye tó padà hàn, nísàlẹ̀. Ìlà náà yóò máa gòkè sọ̀ kalẹ̀, torí 50 ni ẹ̀rọ náà, 75 ni wáyà. Ẹ mú àárín rẹ̀. Fún wáyà tuntun tó gùn tó tiyín, ó yẹ kó wà ní àyíká −2.6 dB, ìlọ́po méjì àdánù rẹ̀. Tó bá ti ń sún mọ́ −5 tàbí −6, omi ti ń wọlé.

Kí ẹ sì wọn àńtẹ́nà náà lókè fúnra rẹ̀, láìsí wáyà láàárín. Wọ́n kọ 50 sí i lára ni, a kò tíì rí ẹni tó wọ̀n ọ́n.

Akẹ́kọ̀ọ́ ND2
Ọjọ́rú, 9:15 alẹ́

Mà, tí àńtẹ́nà náà bá jẹ́ 55 dípò 50 ńkọ́? Mo ṣe é láì ka àdánù, mo rí 1.1 ní ibi rírẹlẹ̀, kì í ṣe 1.0 mọ́.

Ìyá Rìpítà
Ọjọ́rú, 9:32 alẹ́

Tún un ṣe pẹ̀lú àdánù 1.3 dB. Wàá rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di 1.2 nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n.